Orúkọ iṣẹ́ wo, ìlú wo, ta ni yóò sì rí i? Lórí títan "Open to work" ní Àbújá

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Òṣìṣẹ́ àmójútó àti ìgbéléwọ̀n ni mí ní àjọ kan tí kì í ṣe ti ìjọba ní Àbújá, Màràràbá ni mò ń gbé. Owó iṣẹ́ tí à ń ṣe yóò tán ní ìparí oṣù kẹsàn-án. Mo fẹ́ tan 'Open to work' lórí LinkedIn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí ọ̀gá mi má lọ rí i. Irú orúkọ iṣẹ́ wo ni kí n kọ? Ṣé kí n fi Maidúgùrì, Èkó àti òkè òkun sí i kí àǹfààní lè pọ̀?"

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà yín ni kí a ti bẹ̀rẹ̀, torí òun ló máa sọ ìgbà tó yẹ kí ẹ tan àmì náà. Tí ẹ bá ṣí ojú ewé yín, ẹ ó rí bọ́tìnì "Open to" lábẹ́ orúkọ yín. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ mú "Finding a new job", fọ́ọ̀mù kan yóò sì ṣí. Ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn ni wọ́n ti ń béèrè ẹni tí yóò rí i, ìdáhùn méjì péré ló sì wà. Tí ẹ bá mú "All LinkedIn members", tọmọdé tàgbà ló máa rí i, òrùka aláwọ̀ ewé tí wọ́n kọ #OpenToWork sí yóò sì yí fọ́tò yín ká. Tí ẹ bá mú "Recruiters only", kò ní sí òrùka. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í gbọ́. Wọ́n rò pé ẹnikẹ́ni tó bá ń gbani síṣẹ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Rárá o. Àwọn tó ń lo LinkedIn Recruiter nìkan ni, ìyẹn irinṣẹ́ ọ̀tọ̀ tí iléeṣẹ́ ń sanwó fún, tí àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ fi ń ṣa ènìyàn. Ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní àjọ kékeré kan ní Wuse, tó ń lo àkáǹtì ọ̀fẹ́ bíi tiyín, kò ní rí nǹkan kan.

LinkedIn sọ pé àwọn máa ń fi àmì náà pamọ́ fún àwọn rìkúrútà tó wà ní iléeṣẹ́ yín àti ní àwọn iléeṣẹ́ tó bá a tan, wọ́n sì sọ ọ́ kedere pé àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní tú síta. Ohun tí wọ́n ń wò ni iléeṣẹ́ tí ẹ kọ sí iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó tan ohunkóhun, ẹ lọ sí abala "Experience". Tí lógò àjọ yín bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀, tí ẹ tẹ̀ ẹ́ tó sì gbé yín lọ sí ojú ewé àjọ náà, ó ti so mọ́ ọn dáadáa. Tó bá jẹ́ àpótí aláwọ̀ eérú lásán ló wà níbẹ̀, á jẹ́ pé ẹ kàn fọwọ́ tẹ orúkọ yẹn ni, LinkedIn ò sì mọ iléeṣẹ́ tó yẹ kó fi yín pamọ́ fún. Àtúnṣe rẹ̀ kò pẹ́: ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù, ẹ nu orúkọ àjọ náà, ẹ tún un tẹ̀, kí ẹ sì mú un nínú àwọn orúkọ tó bá yọ sísàlẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún àjọ tó ní ojú ewé méjì, ọ̀kan ti àgbáyé, ọ̀kan ti Nàìjíríà. Èyí tí ẹ̀ka tó ń gbani síṣẹ́ wà lórí rẹ̀ gan-an ni kí ẹ so ara yín mọ́.

Ọ̀rọ̀ tún le sí i fún ẹni tí iléeṣẹ́ mìíràn ń sanwó oṣù fún, tó sì ń jókòó sí ọ́fíìsì àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Irú wọn pọ̀ ní Àbújá bí ilẹ̀ bí ẹní. Tó bá jẹ́ àjọ tí ẹ jókòó sí nìkan lẹ kọ, kò sí ohun tó ní kí àmì náà pamọ́ fún rìkúrútà iléeṣẹ́ tó ń sanwó yín. Bákan náà ni ti àwọn àjọ tí ẹ jọ ń ná owó onígbọ̀wọ́ kan ṣoṣo. Àjọ ńlá tó gba owó lọ́wọ́ onígbọ̀wọ́, tó sì pín in fún tiyín, kì í ṣe ìbátan tiyín lójú LinkedIn, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ níbẹ̀ lè jókòó sípàdé pẹ̀lú ọ̀gá yín lọ́jọ́ Ajé. "Recruiters only" ń dín àwọn tó máa rí i kù ni, kì í ṣe pé ó dí gbogbo ihò.

Ṣùgbọ́n ẹ wo apá kejì rẹ̀ náà, torí ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ máa kà nípa ọ̀rọ̀ yìí, ibi tí iléeṣẹ́ ńláńlá pọ̀ sí ni wọ́n ti kọ ọ́. Ta ló ń gba irú yín síṣẹ́ níbí? Àwọn tó ń lo LinkedIn Recruiter wà o: oríkò àwọn àjọ àgbáyé, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn ẹlòmíràn wá òṣìṣẹ́, àti àwọn iléeṣẹ́ olùdámọ̀ràn tó ní ọ́fíìsì ní Èkó àti Àbújá. Yàtọ̀ sí wọn, ọ̀gá iṣẹ́ kan tí wọ́n sọ fún lọ́jọ́rú pé kó wá ẹni tó mọ iṣẹ́ àmójútó kí oṣù tó parí, fóònù ló máa gbé. Á béèrè nínú ẹgbẹ́ Wọ́ọ̀sáàpù, á wo àwọn tó mọ̀ lórí LinkedIn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò lè mọ̀ pé ẹ ń wáṣẹ́ àfi tó bá rí òrùka ewé náà. Ohun tí ẹ máa rí gbà lọ́wọ́ ìpamọ́ kò pọ̀ tó bí ẹ ṣe rò, ohun tí ẹ sì máa pàdánù lọ́wọ́ rẹ̀ kò kéré.

Ohun tí mo máa ní kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ tan án sí "Recruiters only" báyìí, lẹ́yìn tí ẹ bá ti wo lógò yẹn. Tí wọ́n bá ti kéde fún gbogbo òṣìṣẹ́ pé iṣẹ́ náà ń kógbá sílé, ẹ lọ bá ọ̀gá yín fúnra yín, ẹ sọ fún un pé ẹ ti ń wá iṣẹ́ tó kàn, kí ẹ wá yí i sí "All LinkedIn members" lọ́jọ́ kejì. Nínú iṣẹ́ tó ní ọjọ́ ìparí, kò sẹ́ni tó máa ka ìyẹn sí ọ̀dàlẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá náà ti tan tirẹ̀. Àyè kan ṣoṣo tí mo ti máa ní kí ẹ dúró sí "Recruiters only" ni ìgbà tí onígbọ̀wọ́ bá ṣì ń ronú àtifi àkókò kún iṣẹ́ náà, tí ọ̀gá yín sì máa mú àwọn tó máa ṣẹ́kù. Lásìkò yẹn, òrùka ewé lè mú kí wọ́n rò pé ẹ ti lọ tán. Bí ẹ bá sì ń yí i sí ti gbogbo ayé, LinkedIn lè ní kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan kéde rẹ̀ fún àwọn ojúlùmọ̀ yín. Kò pọn dandan, ẹ lè fò ó.

Ní ti àwọn tó ń sọ pé òrùka yẹn ń jẹ́ kí ènìyàn dà bí ẹni tí ebi ń pa, ẹnu àwọn tó ń gbani síṣẹ́ kò kò lórí rẹ̀. Fún ọ̀gá àgbà tí wọ́n ń fi ọ̀wọ̀ wá kiri, mo lè gbà pé kó yọ ọ́. Fún ẹni tí kọ́ńtíráàtì ń parí ní Àbújá, mi ò rí ìtìjú níbẹ̀. Láti oṣù kìíní ọdún 2025 tí ìjọba Amẹ́ríkà ti dá owó ìrànwọ́ òkè òkun dúró, tí wọ́n sì padà gbé USAID kúrò nílẹ̀, gbogbo ẹni tó wà nínú iṣẹ́ yìí ló mọ ìdí tí òrùka náà fi pọ̀. Ìṣòro tó wà ńbẹ̀ ni pé ẹ kò dá wà. Ẹni tó ń wá òṣìṣẹ́ máa rí ènìyàn púpọ̀ tí orúkọ iṣẹ́ wọn bá tiyín mu, ìdí sì nìyí tí orúkọ tí ẹ bá kọ fi ṣe pàtàkì ju òrùka lọ.

Orúkọ márùn-ún ni fọ́ọ̀mù náà gbà. Ó ń wu ènìyàn láti kún un pẹ̀lú oríṣiríṣi: àmójútó kan, ìwé-owó kan, tíṣà kan, ìbánisọ̀rọ̀ kan. Ẹ má ṣe é. Tí ẹ bá ti mú un hàn fún gbogbo ayé, káàdì kékeré kan máa wà lókè ojú ewé yín tó máa to àwọn orúkọ náà sójú kan, ẹni tó bá sì rí "Accountant" lẹ́gbẹ̀ẹ́ "Monitoring and Evaluation Officer" kò ní rò pé ẹ mọ iṣẹ́ méjì. Á rò pé ẹ ò tíì mọ èyí tí ẹ fẹ́. Márààrún gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé tó wà ládùúgbò kan náà.

Ẹ jẹ́ ká fi tiyín ṣe é. Àkọ́kọ́ ni "Monitoring and Evaluation Officer", torí òun ni ipò yín gan-an. Èkejì, ipò kan ṣoṣo tó ga ju bẹ́ẹ̀ lọ, bíi "Monitoring and Evaluation Specialist". Ẹ má gun àkàbà náà dé "Director", torí tí ẹ bá kọ ipò mẹ́rin tó tẹ̀ léra, ẹni tó ń wò ó kò ní mọ iye owó oṣù tó yẹ kó fi lọ̀ yín. Ẹ̀kẹta ni orúkọ tí ẹlòmíràn ń pe iṣẹ́ kan náà. Ní àwọn iṣẹ́ àrùn kògbóògùn tí owó PEPFAR ń gbé, "Strategic Information Officer" ni wọ́n ń pe ohun tí ẹ ń ṣe. Ní àwọn àjọ tó ń ṣe ìrànwọ́ pàjáwìrì ní ìlà-oòrùn àríwá, "MEAL Officer" ni. Ẹ wo ibi tí ẹ ti ṣiṣẹ́ rí, kí ẹ mú èyí tó bá a mu. Ẹ̀kẹrin lè jẹ́ "Data Analyst", àmọ́ ẹ má kọ ọ́ àfi tí ojú ewé yín bá lè gbè é lẹ́sẹ̀: DHIS2, KoboToolbox, Power BI, kí wọ́n wà nínú "Skills", kí àlàyé iṣẹ́ yín sì sọ ohun tí ẹ fi wọ́n ṣe. Ẹ̀karùn-ún, "Program Officer", tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ lófìfo. Kò sí ẹ̀bùn fún ẹni tó kún gbogbo rẹ̀.

Bí ẹ bá ń tẹ orúkọ, ẹ dúró kí àwọn àbá yọ sísàlẹ̀, kí ẹ sì mú nínú wọn. LinkedIn ní àkójọ orúkọ iṣẹ́ tirẹ̀, èyí tó wà nínú rẹ̀ ló ń fi yín kan iṣẹ́. Tí "MEAL Officer" kò bá yọ, ẹ má bá a jà. Ẹ mú èyí tó sún mọ́ ọn jù, kí ẹ wá kọ MEAL sí àkọlé tó wà lábẹ́ orúkọ yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀ rèé: àwọn orúkọ márùn-ún yìí kọ́ ni rìkúrútà kọ́kọ́ ń fi wá ènìyàn. Tó bá tẹ orúkọ iṣẹ́ sínú irinṣẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe àti èyí tí ẹ ń ṣe lọ́wọ́, bí ẹ ṣe kọ wọ́n sí "Experience", ló ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá lè sẹ́ àwọn tó rí, kó sọ pé àwọn tó tan "Open to work" nìkan ni òun fẹ́. Tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín bá pè yín ní "Officer II", tí ẹ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sí "Experience", àwárí àkọ́kọ́ ti fò yín kọjá kó tó kan àmì. Ẹ kọ "Monitoring and Evaluation Officer" síbẹ̀, kí ẹ fi ìpele náà sínú àlàyé. Irọ́ kọ́ nìyẹn, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe ni, tí ẹ kò sì gbé ara yín ga ju ipò yín lọ.

Ọ̀rọ̀ ìlú wá kàn. Fọ́ọ̀mù náà yóò kọ́kọ́ béèrè irú rẹ̀: "On-site", "Hybrid", "Remote". Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè ìlú tí ẹ lè máa lọ sí ọ́fíìsì, yóò sì béèrè lọ́tọ̀ ibi tí ẹ ti fẹ́ ṣiṣẹ́ látilé. Kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ wo ìlú tó wà lábẹ́ orúkọ yín fúnra rẹ̀. Màràràbá ni ẹ ń gbé, ìpínlẹ̀ Násáráwá sì ni Màràràbá wà. Tó bá jẹ́ Násáráwá ni ojú ewé yín ń sọ, ẹni tó bá fi Àbújá sẹ́ àwárí rẹ̀ lè má rí yín rárá, bẹ́ẹ̀ ọ́fíìsì yín ò ju ìrìn àárọ̀ lọ, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya bá gbà fún yín. Ibi tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ: "Abuja, Federal Capital Territory, Nigeria". Ohun kan náà ló kan ẹni tó ń gbé Masaka tàbí Karu.

Maidúgùrì yẹ kó wà nínú rẹ̀ tí ẹ bá lè gbé ibẹ̀. Mi ò sọ tí ẹ bá lè lọ bẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni ibùdó ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ìrànwọ́ ní Borno, Adamawa àti Yobe, púpọ̀ nínú àwọn ipò àmójútó tó wà ńbẹ̀ sì ń fẹ́ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀, tó máa jáde lọ sí pápá. Tí wọ́n bá pè yín, ìbéèrè kejì ni ìgbà wo ni ẹ lè dé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í wí àwáwí nípa ọkọ àti ọmọ lórí fóònù ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ lọ́dọ̀ rìkúrútà yẹn fún ìgbà mìíràn. Tí ẹ bá gbọ́ Haúsá, ẹ fi í sí "Languages" lónìí, kí ẹ sọ ìwọ̀n tí ẹ gbọ́ ọ dé. Fún Yorùbá tó ń wáṣẹ́ lókè ọya, ìlà kékeré yẹn máa ń dáhùn ìbéèrè tí wọn kì í béèrè jáde. Kàdúná àti Kánò náà wà níbẹ̀ fún ẹni tó lè kó lọ. Èkó ńkọ́? Tí ẹ bá ní ibi tí ẹ máa dé sí, ẹ kọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ kò pọ̀ níbẹ̀ bíi ti Àbújá. Ẹ sì mọ̀ pé nígbà tí rìkúrútà bá ń wá ènìyàn, ó lè yàn pé àwọn tó wà ní ìlú náà báyìí nìkan ni òun fẹ́, tàbí kó fi àwọn tó ṣe tán láti kó wá kún un. Ìlú tí ẹ bá kọ sí fọ́ọ̀mù yìí, apá kejì yẹn nìkan ló lè gbé yín jáde níbẹ̀.

Ní ti òkè òkun, ẹ yọ ọ́. Mo mọ̀ pé kò dùn-ún gbọ́. Iṣẹ́ tí wọ́n kọ "Remote" sí lórí LinkedIn sábà máa ń ní orílẹ̀-èdè tó so mọ́ ọn, ó sì sábà túmọ̀ sí pé inú orílẹ̀-èdè yẹn ni kí ẹ ti máa ṣe é. Tí ẹ bá fi "United Kingdom" sí i, ohun tí rìkúrútà ibẹ̀ máa kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ẹ ní ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Tí ẹ kò bá ní in, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀, àfi iléeṣẹ́ tó ṣe tán láti gba físà fún yín, irú wọn sì máa ń sọ ọ́ nínú ìkéde wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó ń wò yín láti Àbújá rí Kánádà àti Lọ́ńdọ̀nù nínú káàdì yín, ó sì ti sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé ẹni tó fẹ́ já pa nìyí. Ẹ kọ "Nigeria" sí apá "Remote", ó tó.

Ìyókù kò gba àròjinlẹ̀. Wọ́n á béèrè ìgbà tí ẹ lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú "Flexible" títí di oṣù kẹjọ, kí ẹ wá yí i sí "Immediately". Nínú irú iṣẹ́, ẹ mú "Full-time" àti "Contract", torí iṣẹ́ ìgbéléwọ̀n oṣù méjì mẹ́ta ló máa ń gbé ènìyàn kọjá àárín kọ́ńtíráàtì kan sí èkejì ní Àbújá.

Lọ́sẹ̀ kejì tí ẹ bá ti tan án, ẹ ṣí "Search appearances" nínú abala "Analytics". Ẹ má wo iye nìkan, ẹ wo irú ẹni tó ń rí yín. Tó bá jẹ́ àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ báǹkì àti olùtajà ni, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé orúkọ kan nínú márùn-ún yẹn ló ń ṣì wọ́n lọ́nà, ẹ kọ́kọ́ fura sí "Data Analyst" tàbí "Program Officer", torí àwọn ni wọ́n gbòòrò jù. Ẹ yọ ẹyọ kan, ẹ dúró ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tún wò ó. Tí ẹ bá yí mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kò ní mọ èyí tó ṣiṣẹ́. Tí iye náà bá kéré gan-an, ọ̀rọ̀ náà kò sí nínú fọ́ọ̀mù yìí mọ́, "Experience" ni kí ẹ padà sí.

Tí òrùka ewé bá jáde, àwọn oníjìbìtì máa jáde pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn rí ojú ewé yín, wọ́n á sáré gbé ọ̀rọ̀ lọ sí Wọ́ọ̀sáàpù, wọ́n á wá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù tàbí ti ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wò ó bóyá orúkọ náà wà lára àwọn òṣìṣẹ́ tó hàn lójú ewé iléeṣẹ́ tó dárúkọ, kí ẹ sì ní kó kọ̀wé sí yín láti ímeèlì iléeṣẹ́ náà.

Àwọn àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ọ̀pọ̀ àjọ ńlá kì í gba ènìyàn láìjẹ́ pé ó kọ̀wé béèrè lórí ìkànnì tiwọn, wọ́n sì ń kéde ipò wọn lórí ReliefWeb. Kò sí bí àmì yín ṣe lè tàn tó tó máa rọ́pò ìyẹn. Tí ẹ bá ti buwọ́ lu lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ tuntun, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n kàn ṣèlérí fún yín, ẹ tẹ àmì pẹ́ńsù tó wà lára káàdì náà, kí ẹ sì mú "Delete from profile".